Síláìdì Ní 38, Ìwé Ní 32: Èwo Ni Ká Gbà?

Akẹ́kọ̀ọ́ bayokẹ́mísìrì, nọ́ọ̀sì tàbí ìṣègùn tó bá ti ka síláìdì olùkọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní ṣàìbá àríyànjiyàn yìí pàdé. Síláìdì ní bí sẹ́ẹ̀lì bá lo glúkóòsì ẹyọ kan tán pẹ̀lú ọ́síjìn, ATP 38 ni yóò rí níbẹ̀. Ìwé ní 30 tàbí 32. Ẹni tó jókòó tì yín ní 36 ni wọ́n kọ́ òun nílé ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á mú èyí tí olùkọ́ wọn fẹ́, wọn á há a sórí, ó tán. Ṣùgbọ́n ohun tó ya 38 àti 36 sọ́tọ̀ kọ́ ló ya 38 àti 32 sọ́tọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn lè pe olùkọ́ tó tọ̀nà ní aláṣìṣe, kó sì fi àṣìṣe gidi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Ẹ má tíì ṣí ìwé kankan. Síláìdì fúnra rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bóyá ó bá ara rẹ̀ mu. Ká ní ohun tó wà lójú síláìdì náà nìyí. Ní glaikólísìsì, ATP 2 àti NADH 2. Láti páírúféètì dé asẹ́táìlì-CoA, NADH 1. Nínú àyípo Krebs, ATP 2, NADH 6 àti FADH2 méjì. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé NADH kọ̀ọ̀kan ń mú ATP 3 wá, FADH2 kọ̀ọ̀kan ń mú 2 wá, àmọ́ NADH ti glaikólísìsì ń mú 2 péré wá nítorí pé ìta mitokọ́ńdríà ló ti wá. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé àpapọ̀ jẹ́ ATP 38.

Ẹ mú bírò, ẹ bá mi rò ó. ATP tó wá tààrà jẹ́ 4. NADH 2 ti glaikólísìsì, ní 2-2, jẹ́ 4. NADH 1 ti páírúféètì jẹ́ 3. NADH 6 ti àyípo Krebs jẹ́ 18. FADH2 méjì jẹ́ 4. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 33 ló jẹ́. Níbo ni 38 ti wá? A kò tíì ṣí ìwé, a sì ti mọ̀ pé nǹkan kan wọ́ nínú síláìdì yìí.

Ibi tó wọ́ kò ṣòroó rí. Glúkóòsì ní kábọ́ọ̀nù 6, páírúféètì ní 3, nítorí náà glúkóòsì kan á di páírúféètì méjì. Ẹni tó kọ NADH 1 sí orí ìlà yẹn ń ka ti páírúféètì kan, nígbà tó jẹ́ pé ti glúkóòsì odindi ló ń kà lórí àwọn ìlà yòókù. NADH 2 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Àṣìṣe pọ́ńbélé nìyẹn, kò sì sí ìwé kan, ti àtijọ́ tàbí ti ìsinsìnyí, tó máa gbè é. Irú rẹ̀ wọ́pọ̀ gan-an níbi tí wọ́n bá ti da àwòrán inú ìwé méjì pọ̀: ọ̀kan ń kà á ní ti páírúféètì, èkejì ní ti glúkóòsì. Nítorí náà, kí ẹ tó ní ìlà kan kò tọ̀nà, ẹ wo àkọlé tó wà lókè rẹ̀, bóyá ó sọ pé ti páírúféètì kan lòun ń kà.

Bí a bá tún ìlà yẹn ṣe, 33 di 36. Kò tíì dé 38 síbẹ̀. Méjì tó kù yìí ní ìtàn tirẹ̀, kì í sì í ṣe àṣìṣe ẹ̀kọ́. NADH tí glaikólísìsì ń ṣe kò lè gba inú awọ mitokọ́ńdríà kọjá fúnra rẹ̀. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń bá a gbé wọlé, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbé e gbà. Ọ̀nà máléètì àti asipátéètì, tó gbajúmọ̀ nínú ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ọkàn, ń fi í lé NADH mìíràn lọ́wọ́ nínú lọ́hùn-ún, nítorí náà kò sí àdánù. Ọ̀nà gílísẹ́róòlù fósíféètì, tó wà nínú iṣan ara àti ọpọlọ, ń gbé e wọlé níbi tí FADH2 ń gbà, èrè rẹ̀ sì dín kù bẹ́ẹ̀. Ìwé àtijọ́ tó bá lo ọ̀nà àkọ́kọ́ á ní 38, èyí tó bá lo èkejì á ní 36. Àwọn méjèèjì tọ̀nà lójú ìṣirò ìgbà náà. Olùkọ́ wa yìí lo ọ̀nà kejì nínú àlàyé rẹ̀, ó wá kọ àpapọ̀ ọ̀nà àkọ́kọ́ sísàlẹ̀. Ó dájú pé ó mú àlàyé láti ibì kan, ó sì mú àpapọ̀ láti ibòmíràn.

Ìgbà yìí ló tó tẹ́ ẹ máa ṣí ìwé. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé, níbi tí wọ́n kọ ọdún sí. Ẹ̀dà tuntun àti àtúntẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Ìwé tí wọ́n kọ ní 1985 tí wọ́n tún tẹ̀ ní 2015 fún títà lówó pọ́ọ́kú ṣì jẹ́ ìwé 1985, bó ti wù kí èèpo rẹ̀ máa dán tó. Ẹ wá nọ́ńbà ẹ̀dà náà pẹ̀lú ọdún tí ẹ̀dà yẹn gan-an jáde. Ìwé Lehninger, fún àpẹẹrẹ, ti dé ẹ̀dà kẹjọ ní 2021. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí atọ́ka ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìwé. Ẹ má wá "38" tàbí "32". Ẹ wá P/O, ìyẹn iye ATP tí à ń rí fún átọ́ọ̀mù ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan tí a lò. Níbẹ̀ ni òótọ́ ọ̀rọ̀ fara pamọ́ sí, nítorí pé àpapọ̀ wulẹ̀ jẹ́ àbájáde rẹ̀ ni.

Ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ ni pé NADH kan ń mú ATP 2.5 wá, FADH2 kan sì ń mú 1.5 wá. Wọn kì í ṣe 3 àti 2 mọ́. Èéṣe? Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọn nǹkan yìí, èsì wọn sábà máa ń bọ́ sáàárín 2 àti 3. Èrò tó gbilẹ̀ nígbà náà ni pé ibi mẹ́ta wà lọ́nà ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ATP ti ń jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí kẹ́míkà kan bá ń yípadà sí òmíràn. Ẹni tó bá gba ìyẹn gbọ́ gbọ́dọ̀ rí nọ́ńbà odindi, kò lè gba ààbọ̀ ATP gbọ́. Wọ́n wá sọ ọ́ di 3.

Peter Mitchell ló da èrò yẹn nù ní 1961. Ó ní púrótọ́ọ̀nù ni wọ́n ń fà jáde gba awọ inú mitokọ́ńdríà, tí wọ́n á wá fẹ́ padà wọlé, bí omi tó gbára jọ lẹ́yìn ìdídò Kainji ṣe ń yí ẹ̀rọ iná nígbà tó bá ń ṣàn lọ. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1978. Bó bá jẹ́ púrótọ́ọ̀nù la ń kà, kò sí ìdí tí èsì fi gbọ́dọ̀ jẹ́ odindi. NADH kan ń lé púrótọ́ọ̀nù 10 jáde, FADH2 ń lé 6 nítorí pé ó fo ibùdó àkọ́kọ́. Púrótọ́ọ̀nù 3 ló ń yí ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe ATP kan, 1 sì ń bá wọn gbé fósíféètì wọlé, ó di 4. Ẹ fi 4 pín 10, 2.5 ni. Ẹ fi 4 pín 6, 1.5 ni. Ní 1991, Peter Hinkle àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé àyẹ̀wò tó fìdí àwọn nọ́ńbà yìí múlẹ̀ jáde, àwọn ìwé ńlá sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún síláìdì wa rò pẹ̀lú ọ̀nà gílísẹ́róòlù tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ yàn. ATP tààrà, 4. NADH ti glaikólísìsì, 2 ní 1.5, jẹ́ 3. Ti páírúféètì, 2 ní 2.5, jẹ́ 5. Ti àyípo Krebs, 6 ní 2.5, jẹ́ 15. FADH2, 2 ní 1.5, jẹ́ 3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30. Bí ọ̀nà máléètì bá jẹ́, NADH ti glaikólísìsì á di 5, àpapọ̀ á sì di 32. Ẹ rí i nísinsìnyí pé 36 ìgbà àtijọ́ ló di 30, tí 38 sì di 32. Ẹni tó bá fi 38 wé 30 ti da ìyàtọ̀ méjì pọ̀: ti ọjọ́ orí ìwé àti ti ọ̀nà tí NADH gbà wọlé.

Ìwé tuntun náà kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Wọ́n ti rí i pé nínú mitokọ́ńdríà màlúù, òrùka tó ń yí nínú ẹ́ńsáìmù náà ní ègé 8, ó sì ń ṣe ATP 3 ní ìyípo kan. Ìyẹn fi hàn pé bíi púrótọ́ọ̀nù 2.7 ló ń lò fún ATP kan dípò 3, tí ìṣirò bá sì tẹ̀ lé e, NADH á mú bíi 2.7 wá. Púrótọ́ọ̀nù tún máa ń jò gba awọ náà wọlé láìṣe ATP kankan. Èmi ò rò pé ó yẹ ká tìtorí èyí pa 32 tì nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n kà á lọ́kọ̀ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀lì.

Ó ku bí ẹ ó ṣe gbé e tọ olùkọ́ lọ. Ẹ má dìde láàárín kíláàsì kẹ́ ẹ ní síláìdì yín ti pẹ́. Ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá parí, kẹ́ ẹ mú ìwé náà dání ní ṣíṣí. "Ẹ kúuṣẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ní ìlà páírúféètì, ṣé ti páírúféètì kan lẹ kà ni, àbí ti glúkóòsì? Àti pé 3 lẹ lò fún NADH. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi lo 2.5. Èwo lẹ fẹ́ ká lò nínú ìdánwò?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ ń bi wọ́n nípa àṣìṣe, èkejì nípa ohun tó ti pẹ́; ẹ má pa méjèèjì pọ̀, nítorí olùkọ́ lè gba ọ̀kan lójú ẹsẹ̀ kó sì fẹ́ lọ yẹ èkejì wò. Nínú ìdánwò, bí wọn ò bá sọ èyí tẹ́ ẹ máa lò, ẹ kọ iye ATP tẹ́ ẹ lò fún NADH àti FADH2 sókè, ẹ kọ ọ̀nà tí NADH glaikólísìsì gbà wọlé tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ tó kọ àpapọ̀ yín.