Ẹni Tó Dákẹ́ ní Háòsì Fẹ́lóṣíìpù

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àwọn aṣíwájú ìpàdé inú ilé ti sọ òwe yìí di àwáwí. Mo wà ní ọ̀kan ní Agége nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Aṣíwájú ka ìwé ẹ̀kọ́ tán, ó ní, “Ṣé ó yé wa?” A ní ó yé wa. Ó ní ká dìde fún àdúrà. Ìyá kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn ti ń fi etí ìborùn nujú látìgbà orin, ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè. Nígbà tí mo sọ fún aṣíwájú, òwe ló fi dá mi lóhùn: ṣebí ìyá náà lẹ́nu. Inú bí mi gan-an.

Ìkíni káàbọ̀ ò le: tètè dé, to àga yípo kójú lè kojú, má sì ní kí àlejò dìde ròyìn ara rẹ̀. Ìjíròrò ló ń bà jẹ́ jù. Ká ní ìtàn ará Samáríà ní Lúùkù orí 10 lẹ̀ ń kà. Tẹ́ ẹ bá béèrè ẹni tó ṣàánú, ẹnì kan á dáhùn, ó parí. Ẹ béèrè ohun tó lè mú kí àlùfáà gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá, kẹ́ ẹ wá ka ení dé ẹẹ́wàá nínú yín láìdá ara yín lóhùn. Ẹnì kan á ní ẹ̀rù ló bà á. Òmíràn á jẹ́wọ́ pé òun náà ti kọjá lára ẹni tí ọ̀kadà gbá rí. Ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní ti àdúrà, aládùúgbò ni wá. Ẹni tó bá sọ pé ọkọ òun ń lu òun lè gbọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ kejì. Ọgbọ́n ni ìdákẹ́ irú wọn, òwe ò bá wọn wí. Ẹ pín àwọn èèyàn yín ní méjì-méjì kí wọ́n gbàdúrà, ẹ má sì kéde ohun tí wọ́n bá fi tó yín létí, kódà bí kókó àdúrà.

Lẹ́yìn ìpàdé ni iṣẹ́ kù. Ní Bristol lọ́dún 1742, àwọn ọmọ ìjọ John Wesley jẹ gbèsè ilé ìpàdé wọn. Wọ́n pín ara wọn ní méjìlá-méjìlá, kí aṣíwájú kọ̀ọ̀kan máa gba pẹ́nì kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Ojúlé sí ojúlé tí wọ́n ń lọ gbowó ni wọ́n ti rí bí àwọn èèyàn wọn ṣe ń gbé, ohun tí ìpàdé ò fi hàn wọ́n. Bí ètò kíláàsì àwọn Mẹ́tọ́díìsì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin aṣíwájú, ẹ kọ orúkọ ẹni tí kò wá àti ẹni tó wá tí ojú rẹ̀ ò dáa sínú ìwé kan náà. Kó tó di ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ Wọsáàpù kì í ṣe àbẹ̀wò.