Ìtọ́jú Ni Tàbí Ìṣọ́? Ẹ̀kọ́ Lórí Ọ̀rọ̀ Orí Fóònù

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọbìnrin wa ń bá àfẹ́sọ́nà tàbí ọkọ wọn sọ lórí Wáàsáàpù. Kì í ṣe gbogbo “Níbo lo wà?” ni ó burú. Ohun tí ó ń tẹ̀lé ìdáhùn ni kí a máa wò.

Àpẹẹrẹ: Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọbìnrin kan ń tajà ní ọjà Báúńdárì ní Ajégúnlẹ̀, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ọkùnrin náà béèrè bóyá ó ti dé ìsọ̀. Ọmọ náà dáhùn. Ní aago mẹ́sàn-án, ó ní kí ó ya fọ́tò ìsọ̀ ránṣẹ́. Ní aago mẹ́wàá, ó ní kí ó tan “Live location” fún wákàtí mẹ́jọ, kí òun lè máa rí ibi tí ó bá rìn dé. Ní ọ̀sán, oníbàárà pọ̀, ọmọ náà kò dáhùn fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí ó wo fóònù, ẹ̀sùn ni ó bá níbẹ̀: “Ta ni ó wà lọ́dọ̀ rẹ?” Ó ṣàlàyé, ọkùnrin náà ní irọ́ ni. Ní alẹ́, ó bẹ̀bẹ̀ pé ìfẹ́ ló ń dá òun láàmú. Ní ọjọ́ kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Àmì mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀:

1. Ìdáhùn kì í tó. Ọ̀rọ̀ ẹnu di fọ́tò, fọ́tò di ìtọpinpin.

2. Ìdádúró di ẹ̀sùn. Bẹ́ẹ̀ àmì kan ṣoṣo lára ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí pé kò tíì dé orí fóònù. Iná tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè fà á. Àmì méjì aláwọ̀ búlúù kò sọ ju pé a ti ṣí ọ̀rọ̀ náà.

3. Ìbẹ̀rù mú obìnrin náà yí ìwà padà: ó ń gbé fóònù wọ ilé ìwẹ̀, kò sì lè bá oníbàárà ọkùnrin sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìdánwò kan wà. Kí ó sọ pẹ̀lẹ́ pé, “Ọ̀sán ni n ó máa dáhùn, nígbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀.” Ẹni tí ń ṣàníyàn lè kùn, ṣùgbọ́n yóò gbà. Ẹni tí ń ṣọ́ ọ yóò halẹ̀ tàbí kí ó fìyà jẹ ẹ́. Bí ó bá ti nà án tàbí halẹ̀ mọ́ ọn rí, kí ó má ṣe dán an wò. Kí ó kọ́kọ́ sọ fún ẹni tí ó fọkàn tán.

Kí ó má pa àwọn ọ̀rọ̀ náà rẹ́, nítorí ẹ̀rí ni wọ́n. Kí ó wo “Linked devices” bóyá ẹ̀rọ mìíràn ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé yíyọ ọ́ lè ta ọkùnrin náà lólobó. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2007 lòdì sí ìwà ipá nínú ilé, kì í sì í ṣe lílù nìkan ni ó kà sí i; ìdáyàfoni àti ìyọnilẹ́nu wà nínú rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì lè pàṣẹ ààbò.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Bí ọmọ wa bá ń fò sókè nígbàkigbà tí fóònù rẹ̀ bá dún, kí ni a ó kọ́kọ́ bi í, tí kò fi ní rò pé àwa náà ń ṣọ́ ọ?