Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Pípín Epo ní Ìdí-Igi

Ìtàn tí a fẹ́ kà yìí, àròsọ ni. Ṣùgbọ́n àṣà tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ kà á, kí a sì bá àgbà inú ìtàn náà ṣírò.

Ní abúlé kan ní ìgbèríko Èjìgbò, bàbá kan kú, ó fi oko ọ̀pẹ sílẹ̀. Ìyàwó 3 ni ó ní. Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọ rẹ̀ náà kú, ó wá ku àwọn ọmọ-ọmọ. Ìdí ìyàwó àkọ́kọ́ ní ẹni 1, ìdí ìyàwó kejì ní ẹni 2, ìdí ìyàwó kẹta ní ẹni 3. Gbogbo wọn jẹ́ 6. Ẹnì kan ṣoṣo tí ìdí àkọ́kọ́ ní ń ṣòwò ní Àbìjàn, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ti ń ṣe.

Lọ́dún kan, epo kẹ́ẹ̀gì 24 ni wọ́n rí. Àbíkẹ́yìn ìdí kẹta ni ó ro ìdí ọ̀pẹ látìbẹ̀rẹ̀. Òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ 2 kó kẹ́ẹ̀gì 12 wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn. Wọ́n ní, “Àwa 6 ni. Àwa 3 ni ìdajì. Kí ló kù?”

Ará Àbìjàn dé, inú bí i. Ó ní, “Ìdí 3 ni bàbá wa ní. Kẹ́ẹ̀gì 8 ni tèmi, ẹ kó o jáde!”

Wọ́n ní, “Ìwọ tí o ò fọwọ́ kan àdá!”

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Àwọn obìnrin tí ń se ẹyìn ní àwọn kò ní dáná mọ́ títí ìjà yóò fi parí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyìn mìíràn wà nílẹ̀, ẹyìn tí ó bá sì pẹ́ nílẹ̀, epo rẹ̀ kì í dára.

Wọ́n tọ olórí ẹbí lọ, àbúrò bàbá àgbà wọn. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ gbà wá, Bàbá.” Bàbá gbọ́ tẹnu gbogbo wọn, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Lẹ́yìn náà ó bi wọ́n pé, “Ta ló kọ ẹyìn? Ta ló sè é? Ṣé ẹ ti san owó iṣẹ́ wọn?”

Wọ́n ní, “Rárá, Bàbá.”

Bàbá ní, “Ẹ ò tíì ní ohun tí ẹ ó pín nìyẹn. Iṣẹ́ lọ́tọ̀, ogún lọ́tọ̀. Ẹ fún akọ̀pẹ ní kẹ́ẹ̀gì 2, ẹ fún àwọn obìnrin ní 2, ẹ fún ẹni tó roko ní 2.” Ó ku 18.

Ó tún bi wọ́n pé, “Báwo ni àwọn bàbá yín ṣe ń pín in?”

Wọ́n dákẹ́. Ọ̀kan nínú ìdí kejì dáhùn pé, “Ìdí-igi ni, Bàbá.”

Bàbá ní, “Ìdí-igi náà ni lónìí. Ẹni tó wà lájò kò tíì kú. Kò roko, kò gba owó oko, ṣùgbọ́n ìdí ìyá rẹ̀ ò parẹ́.”

Ìdí kọ̀ọ̀kan gba 6. Ará Àbìjàn gba 6, kì í ṣe 8. Àwọn 2 ti ìdí kejì gba 3-3. Àwọn 3 ti ìdí kẹta gba 2-2, ẹni tó roko sì ní 2 lé e, ó di 4. Ìdí kẹta ní 8 lápapọ̀, nítorí náà wọ́n dá 4 padà nínú 12 tí wọ́n kó. Lọ́jọ́ kejì, iná tún jó lábẹ́ ìkòkò ẹyìn.

Ọ̀nà kejì wà tí à ń pè ní orí-ó-jorí, níbi tí a ti ń ka orí, tí a kì í ka ìdí. Bí Bàbá bá lò ó, ẹnì kọ̀ọ̀kan ì bá gba 3. Ní ọdún 1962, ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹjọ́ Nàìjíríà ń parí sí nígbà náà, dá ẹjọ́ ẹbí Dáwódù ti Èkó. Bàbá wọn fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni òfin Yorùbá. Bí ìjà bá wà lórí pípín, olórí ẹbí lè yan orí-ó-jorí bí ó bá rí i pé ó yẹ. Bàbá inú ìtàn wa kò yàn án, nítorí pé gbogbo wọn mọ bí wọ́n ti ń pín in tẹ́lẹ̀, àti pé ariwo nìkan kò tó láti gba 3 lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ìbéèrè

1. Kí ni Bàbá yọ kí ó tó pín epo?
2. Kí ló dé tí ará Àbìjàn kò fi gba 8?
3. Bí epo bá jẹ́ kẹ́ẹ̀gì 30, tí owó iṣẹ́ sì jẹ́ 6, mélòó ni ìdí kọ̀ọ̀kan yóò gbà?