Orúkọ Àmì-Ipò Tí Ó Gun Ara Wọn Lórí Ìlà Ìdí Àwòrán Ọ̀pá

Nínú àwòrán ọ̀pá, ìlà ìsàlẹ̀ tí àwọn ọ̀pá dúró lé ni ìlà ìdí. Ìlà kékeré tí a fà sábẹ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan láti fi ibi tí ó wà hàn ni àmì-ipò. Ọ̀rọ̀ tàbí iye tí a kọ sábẹ́ rẹ̀ sì ni orúkọ àmì. Bí orúkọ bá pọ̀ ju àyè lọ, wọn a gun ara wọn, òǹkàwé kò sì ní mọ ọ̀pá tí èyíkéyìí nínú wọn jẹ́ tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan ni àwòrán tí ó fi iye ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ hàn ní ìjọba ìbílẹ̀ 33 tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí a bá fi Matplotlib yà á láìyí ohunkóhun padà, fífẹ̀ àwòrán yóò jẹ́ ínṣì 6.4, ṣùgbọ́n ìlà ìdí fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí pọ́ìntì 357 lọ (pọ́ìntì 72 ni ínṣì kan). Lẹ́yìn àlàfo ìkángun méjèèjì, nǹkan bí pọ́ìntì 10 ni ó kan ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Orúkọ bíi Ìbàdàn Àríwá-Ìlà-Oòrùn gba lẹ́tà àti àlàfo 22. Bí ìwọ̀n lẹ́tà bá jẹ́ 10, orúkọ yìí yóò gba nǹkan bí pọ́ìntì 130, èyí tí í ṣe àyè ọ̀pá 13. Kò sí bí lẹ́tà ṣe lè kéré tó tí èyí yóò fi bá a mu ní ìdùbúlẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kí wọ́n dá orúkọ dàgẹ̀rẹ̀ ní dígírì 45. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n ó ní àléébù tí a kì í sábà rò. Bí orúkọ méjì bá dàgẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àyè tí ó wà láàárín wọn kì í ṣe pọ́ìntì 10 mọ́. Ó dín kù sí ìdá méje nínú mẹ́wàá rẹ̀, ìyẹn pọ́ìntì 7. Lẹ́tà ìwọ̀n 6 ni ó lè wọ ibẹ̀, èyí kò sì ṣeé kà dáadáa nínú ìwé títẹ̀. Bí orúkọ bá nàró ní dígírì 90, gbogbo pọ́ìntì 10 ni ó wà fún un, lẹ́tà ìwọ̀n 8 yóò sì wọ̀ ọ́. Òǹkàwé ni yóò yí ọrùn. Orúkọ bí Ògbómọ̀ṣọ́ sì ní àmì ohùn lókè àti àmì ìsàlẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí a fún un mọ́ra jù.

```
ax.set_xticks(range(33), oruko, rotation=90, fontsize=8)
```

Níbi tí ọ̀pá kò pọ̀ tó báyìí, tí dígírì 45 sì tó, òpin orúkọ ni ó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àmì-ipò, kì í ṣe àárín rẹ̀. Bí àárín bá wà níbẹ̀, òpin orúkọ a máa tọ́ka sí ọ̀pá ẹlòmíràn.

```
plt.setp(ax.get_xticklabels(), rotation=45,
         ha="right", rotation_mode="anchor")
```

Orúkọ tí ó nàró tún máa ń gùn kọjá ìsàlẹ̀ àwòrán, tí a ó sì rí i pé wọ́n gé e nígbà tí a bá fi àwòrán pamọ́. `layout="constrained"` nígbà tí a ń dá àwòrán sílẹ̀ ni ó ń tún èyí ṣe. Bí ojú ìwé bá gba gíga, ó sàn jù pé kí a yí àwòrán fúnra rẹ̀ padà pẹ̀lú `barh`: àwọn ọ̀pá yóò dùbúlẹ̀, orúkọ yóò sì tò lọ́wọ́ òsì bí ó ti yẹ kí a kà wọ́n. Bí a bá fún orúkọ kọ̀ọ̀kan ní pọ́ìntì 12, ínṣì 5.5 ni gíga rẹ̀.

Ìkékúrú ni ó gba ìṣọ́ra jù. Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ni orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ìbàdàn. Bí a bá gé orúkọ kúrò lẹ́yìn lẹ́tà mẹ́fà, gbogbo wọn yóò di Ìbàdàn. Bí a bá sì mú lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, Ìlà-Oòrùn di ÌO, Ìwọ̀-Oòrùn náà di ÌO. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi lẹ́tà kan ṣoṣo pín níyà ni Yorùbá so pọ̀ níbí. Nítorí náà, Ìlà àti Ìwọ̀ ni a ó dá sí, tí a ó sì ju Oòrùn nù: Ìb. À-Ìlà, Ìb. À-Ìwọ̀, Ìb. G-Ìlà, Ìb. G-Ìwọ̀, àti Ìb. À fún Ìbàdàn Àríwá. Àlàyé wọn yóò sì wà lábẹ́ àwòrán.

Dídín orúkọ kù kò ṣeé ṣe fún ìjọba ìbílẹ̀ rárá, nítorí òǹkàwé kò lè fi Àtìbà àti Àkìnyẹlé mọ orúkọ ẹni tí ó wà láàárín wọn. Ọdún yàtọ̀. Láti 1960 títí dé 2020, ọdún 61 ni. Bí a bá kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́wàá, orúkọ méje ni yóò kù, ẹnikẹ́ni a sì mọ ibi tí 1967 wà. Bí kọ̀ǹpútà bá ń kọ gbogbo ọdún pátápátá, ó sábà máa ń jẹ́ pé ó ka ọdún sí ọ̀rọ̀ dípò iye. Bí a bá sọ wọ́n di iye, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dín wọn kù. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni a fẹ́ kí wọ́n jẹ́, ipò àti orúkọ ni a gbọ́dọ̀ dín kù pọ̀:

```
ax.set_xticks(range(0, 61, 10), odun[::10])
```

Matplotlib 3.5, tí ó jáde ní 2021, ni ó kọ́kọ́ gba ipò àti orúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo báyìí. Ẹni tí ó bá fi `set_xticklabels` nìkan fún un ní orúkọ láìsọ ipò, 1960 lè bọ́ sábẹ́ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, àwòrán náà yóò sì mọ́ tónítóní lójú. Láti mọ̀ bóyá èyí ti ṣẹlẹ̀, kí a wo orúkọ tí ó gbẹ̀yìn: 2020 gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ọ̀pá ìkẹyìn gan-an.