Àpótí Ìmọ̀: Àwọn Ọ̀kadà Tí A Kò Kà

Ká sọ pé ọlọ́kadà méjì ń jiyàn ní Akpro-Missérété, lẹ́bàá Àjàṣẹ́. Ọ̀kan ní payò, epo inú ìgò tó ń ti Nàìjíríà wọlé, ló ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ó ka ọ̀kadà 5 tó mu payò tó sì dákú. Kò purọ́, àmọ́ èyí tó gbè é lẹ́yìn nìkan ló kà. Bí 5 bá bàjẹ́ nínú 50 tó ń mu payò, tí 1 sì bàjẹ́ nínú 10 tó ń mu epo ilé-epo, ọgbọọgba ni wọ́n.

Onímọ̀ nípa ìrònú ènìyàn kan, Peter Wason, fi irú àṣìṣe yìí hàn ní 1960: ó fún àwọn ènìyàn ní 2, 4, 6, ó ní kí wọ́n wá òfin tó wà nídìí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé méjì-méjì ni, wọ́n sì ń dán irú 8, 10, 12 wò. Òfin náà kò ju pé kí nọ́mbà máa ga sí i. Ẹni tó bá dán 1, 2, 7 wò ni àṣìrò rẹ̀ máa tètè tú.

Nítorí náà, kí iyàn tó le, sọ ohun tí o bá rí tí wàá fi yí èrò padà. Lẹ́yìn náà, bi mẹkáníìkì pé: “Ọ̀gá, èwo lẹ tún ṣe lóṣù yìí tí kò mu payò rí?”