Dojú Àga Náà Délẹ̀ Kí O Tó Sanwó

Àṣàkẹ́, wá jókòó níbí. Wọ́n ní aládùúgbò yín tó fẹ́ jápa ń ta àga pálọ̀ rẹ̀, o sì ti sọ fún un pé ìwọ lo máa gbé e. Kí lo wò lára rẹ̀? O ní aṣọ rẹ̀ ṣì ń dán, o jókòó sí i, ó sì tù ọ́ lára. Ọmọ mi, a kì í tìtorí aṣọ ra àga. Aṣọ ni ohun tí a lè pààrọ̀ láìsí wàhálà. Egungun inú rẹ̀ ni owó wà, abẹ́ la sì ti ń rí egungun.

Mo mọ ìdí tí o kò fi wo abẹ́. Ojú ń tì ọ́. Ìwọ àti màmá yẹn jọ ń kí ara yín láàárọ̀, o wá rò pé tí o bá dojú àga rẹ̀ délẹ̀, ńṣe ló máa dà bíi pé o pè é ní òpùrọ́. Ìtìjú yẹn ni mo ń bá ọ wí lé lórí. Ká ní ọjà lo ti fẹ́ rà á, o ò bá ti tú gbogbo rẹ̀ yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀. Ẹni tó ń tajà kì í bínú sí ẹni tó ń yẹ ọjà wò. Sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n wo abẹ́ rẹ̀,” kí o sì mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

Kí o tó dojú rẹ̀ délẹ̀, lọ sí igun kan níwájú, kí o gbé ẹsẹ̀ ibẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí á fi tó nǹkan bí ínṣì 6. Ẹsẹ̀ iwájú kejì ni kí o gbójú lé. Tí egungun àga náà bá le, ẹsẹ̀ kejì yóò ti bá a gbéra. Tí ọ̀kan bá wà lókè tí èkejì ṣì fìdí mọ́lẹ̀, àga náà ń lọ́ nìyẹn: oríkèé rẹ̀ ti tú, tàbí igi kan ti ṣẹ́ nínú. Gbọ́ ohùn rẹ̀ pẹ̀lú. Àga tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí o ṣe ń gbé e, ìṣó rẹ̀ ti ń mì nínú igi.

Wàyí o, dojú rẹ̀ délẹ̀. Aṣọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń kàn bo abẹ́. Bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí o ṣí igun kan, nítorí kò ṣòro láti kàn padà. Ibẹ̀ lo ti máa rí irú igi tí káfíńtà lò. Tó bá jẹ́ ọ̀gànwó, igi náà á pọ́n, á sì wúwo. Tó bá jẹ́ arère, á funfun, á sì fúyẹ́. Mi ò ní kí o má ra àga arère o, ọ̀pọ̀ àga tó wà nílé àwọn èèyàn, òun ni. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ igi gbẹ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wá ihò wínníwínní tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, kí o sì wò ó bóyá ẹbu lẹ́búlẹ́bú wà létí rẹ̀. Tó bá jẹ́ hóró kéékèèké bíi yanrìn lo rí, ikán tó ń gbé inú igi gbẹ ló ṣe é. Ìyẹn máa ń jẹ inú igi tán kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó fi ohunkóhun hàn.

Ihò nìkan kò sọ pé kòkòrò ṣì wà láàyè. Ó lè ti kú tipẹ́. Níbí gan-an ni rírà lọ́wọ́ aládùúgbò ti dára ju ti ọjà lọ. Gbá ẹbu náà kúrò, fi ọwọ́ gbá igi náà pẹ̀ẹ̀pẹ̀ẹ̀ kí ìyókù lè bọ́, tẹ́ bébà funfun sábẹ́ rẹ̀, kí o sì máa lọ sílé. Padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Tí ẹbu tuntun bá ti wà lórí bébà, wọ́n ń jẹun nínú rẹ̀ lọ́wọ́, má sì gbé e wá sí àárín tábìlì àti bẹ́ẹ̀dì onígi tó wà nílé rẹ. Tí bébà bá mọ́, ìyẹn kò tíì jẹ́ ẹ̀rí pátápátá, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ á balẹ̀ díẹ̀. Ta ni yóò gbà kí o ṣe irú èyí lọ́jà?

Ọ̀rọ̀ fóòmù kò gùn. Ṣí síìpù tìmùtìmù, kí o wo inú rẹ̀. Fóòmù tó ti gbó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á sì máa rún sí ọ lọ́wọ́. Di ìkúùkù, tẹ àárín rẹ̀ dáadáa, kí o tú u sílẹ̀. Tí ojú ibẹ̀ bá jin tí kò tètè dìde, owó fóòmù tuntun ti wọ inú ọ̀rọ̀ nìyẹn. Àárín ni kí o tẹ̀ o, nítorí etí kì í tètè gbó.

Ìdun ńkọ́? Wo ojú rírán, abẹ́ síìpù, àti ibi tí aṣọ dúdú yẹn ti pàdé igi. Àmì dúdú tóótòòtó ni ìgbẹ́ wọn, tí o bá fi òwú tútù nù ún, á fà sára òwú náà. Wàá tún rí èèpo ara tí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kí o kàn sá a sóòrùn. Ooru oòrùn kò lè wọ àárín àga tó nípọn débi tí yóò fi pa ẹyin wọn, bẹ́ẹ̀ ìdun lè wà fún oṣù mélòó kan láìjẹun. Tí o bá rí ọ̀kan, kí màmá yẹn dáadáa, kí o sì máa lọ, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́ ló fẹ́ fi ta ọ́ lọ́rẹ.

Ó wá ku owó. Ó ní ₦250,000 fún oníjókòó mẹ́ta kan àti ẹlẹ́nìkan méjì. Lọ bi káfíńtà ládùúgbò léèrè iye tí yóò gbà láti kan irú rẹ̀ tuntun. Ká ní ó pe ₦450,000. Àga àlòkù tí egungun rẹ̀ dá ṣáṣá, ìdajì tuntun ni èmi máa ń fi sí, ìyẹn ₦225,000. Ká wá ní fóòmù oníjókòó mẹ́ta ti kú, tí yóò gba ₦45,000, tí aṣọ tó ya àti iṣẹ́ ọwọ́ sì máa jẹ́ ₦40,000. Yọ méjèèjì, ó ku ₦140,000. Ọlọ́kọ̀ àti àwọn tó máa gbé e gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yóò gba ₦20,000. ₦120,000 ni àga náà tó sí ọ lọ́wọ́. Bẹ̀rẹ̀ láti ₦100,000, má sì kọjá ₦120,000 yẹn, bó ti wù kó bẹ̀ ọ́ tó.

Fi ohun tí o rí hàn án bí o ṣe ń ná an: fóòmù tó jin, aṣọ tó ya. Má bú àga rẹ̀. Ẹni tó ń kó kúrò nílé kò fẹ́ kí ẹrù kù sí òun lọ́rùn, nítorí náà tó bá kọ̀ lónìí, ó lè pè ọ́ padà bí ọjọ́ ìrìnàjò bá ṣe ń sún mọ́ etílé. Lọ síbẹ̀ lọ́la ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wà, má sì san kọ́bọ̀ sílẹ̀ kí o tó pè mí.