Ìmọ́lẹ̀ Méjì Lára Ojú Kan

WB tó ń hàn lójú kámẹ́rà ni ibi tí ayàwòrán ti ń sọ ohun tó jẹ́ funfun fún kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tí oòrùn kò ràn sí máa ń fà sí àwọ̀ aró. Iná gbọọrọ òkè àjà sì sábà máa ń fà sí àwọ̀ ewé. Ojú èèyàn kì í fura, nítorí ọpọlọ ń bá a tún un ṣe. Kámẹ́rà kì í tún un ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé ẹni tó bá ti yan WB tó tọ́, gbogbo fótò rẹ̀ ti tọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. WB kan ṣoṣo ni kámẹ́rà ń lò fún odindi fótò. Ìmọ́lẹ̀ méjì, WB kan. Èyí tó bá tún ọ̀kan ṣe yóò ba èkejì jẹ́. AWB pàápàá, àárín méjèèjì ló ń wá, àárín kì í sì í tọ́ fún ẹ̀gbẹ́ kankan.

Ká ní ìyàwó tuntun kan wọ léèsì funfun, ó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù fótò kan l'Abúlé Ẹ̀gbá. Fèrèsé wà lósì rẹ̀, iná gbọọrọ wà lókè orí rẹ̀. Ayàwòrán yan àmì iná gbọọrọ: èjìká léèsì funfun, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì di aró. Ó yan àmì ìkùukùu: ẹ̀rẹ̀kẹ́ tọ́, èjìká wá di ewé. Lójijì, iná lọ. Ó tún un yà, gbogbo rẹ̀ tọ́. Kò fọwọ́ kan WB o. Ìmọ́lẹ̀ kan ló ṣẹ́kù, ìmọ́lẹ̀ kan, WB kan.

Nítorí náà, kí ayàwòrán kọ́kọ́ pa iná gbọọrọ. Kí oníbàárà sún mọ́ fèrèsé, kí a sì gbé páálí funfun sí ẹ̀gbẹ́ kejì tó ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà, kí oníbàárà di bébà funfun mú síwájú ojú rẹ̀, kí a ya bébà náà kó kún fótò, kí a sì yàn án ní Custom WB. Iwájú ojú oníbàárà ni bébà gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe ọwọ́ ayàwòrán, torí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sójú oníbàárà là ń wọ̀n. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yí padà, kí a tún bébà yà.

Àwọn kan máa ń fọ ojú oníbàárà di pupa kí àwọ̀ ewé má baà hàn. Kò dára. Ẹni tó dúdú ló wá ya fótò; dúdú rẹ̀ ni kó gbé lọ sílé.

Níbi òde tí a kò ti lè pa iná, kí a ya RAW. Lórí kọ̀ǹpútà, kí a kọ́kọ́ fi WB tún àwọ̀ ojú ṣe, lẹ́yìn náà kí a fi búrọ́ọ̀ṣì kun ibi tó di ewé nìkan, kí a sì fa Tint síhà àwọ̀ àlùkò díẹ̀díẹ̀ títí léèsì ọ̀tún àti tòsì yóò fi funfun bákan náà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ méjèèjì ti pàdé lára awọ ló máa ń le jù, ààlà rẹ̀ kì í sì í parẹ́ tán.